Ohun Tí Asẹ́ Ọyẹ́ Kù Sórí Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá bàbá mi máa ń sọ fún wa pé orí òkè Ìgbẹ̀tì ni Ọyẹ́ ń gbé, nínú ihò àpáta kan, òun pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Tí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí iṣu ti wọ àká, ni yóò tú agbo ilé rẹ̀ sílẹ̀, tí wọn yóò sì máa fẹ́ wa lójú títí di ìgbà tí òjò bá tún dé. Kò sí ẹni tó bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ti rí i rí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti máa wo ojú ọjọ́, ni mo wá mọ̀ pé ibi tí màmá yẹn ń nawọ́ sí kò burú rárá. Láti ìhà òkè ni Ọyẹ́ ti ń bọ̀ lóòótọ́, ó sì ní ilé kan pàtó tó ti ń jáde, àárín àwọn òkè sì ni ilé náà wà. Ọ̀nà rẹ̀ ló kàn jìn ju Ìgbẹ̀tì lọ fíìfíì.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà ní pápákọ̀ òfurufú kan ní àríwá Nàìjíríà, kí n tó padà sí Ìbàdàn. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ ọyẹ́, wọ́n a máa ka ohun tó ń ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé wọn kò tan mọ́ra wọn: ó ń ti ibi jíjìn wá, kì í jẹ́ ká ríran, ó sì ń fa ikọ́. Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun náà sì ni pé eruku yìí kúná. Ẹni tó bá ti dúró ti ìyá rẹ̀ rí níbi tó ti ń sẹ́ èlùbọ́ ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé rẹ̀. Ní àríwá orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, àfonífojì ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé. (Orúkọ yẹn dún létí Yorùbá bí orúkọ ọmọ tó ti àjò dé, ṣùgbọ́n kò tan mọ́ wa.) Àwọn òkè Tìbẹ́stì wà ní òkè rẹ̀ lápá òsì, àwọn òkè Ẹnẹ́dì sì wà lápá ọ̀tún. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tútù máa ń kóra jọ sí ìhà Líbíà, yóò sì máa wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ wá síhà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tó bá dé àárín òkè méjèèjì yìí, àyè há mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì yára gẹ́gẹ́ bí omi odò ṣe máa ń yára níbi tí àpáta bá ti há a láàárín. Iwájú ibi tí ó ti ń tú jáde yìí gan-an ni Bodélé wà.

Ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe yanrìn lásán. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ ní Sàhárà, adágún omi kan bo gbogbo agbègbè yẹn, tó gbòòrò ju 300,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Adágún Ṣáàdì tí a mọ̀ lónìí kò ju èérún tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ lọ. Àwọn ewéko inú omi kan tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú adágún ńlá náà, wọ́n ń kọ́ ilé wíwẹ́ fún ara wọn láti ara ohun tí a fi ń ṣe gíláàsì, wọ́n sì ń kú, tí ilé wọn ń rì sí ìsàlẹ̀ ní ìpele-ìpele. Nígbà tí omi gbẹ, ìsàlẹ̀ adágún náà di ilẹ̀ funfun tó fúyẹ́, tó ń ṣí pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bí èépá ògiri. Ìyẹ̀fun tí a ń mí símú ní oṣù kìíní ọdún, ilé àwọn ohun abẹ̀mí inú omi wà nínú rẹ̀. Kò sí ibì kan ṣoṣo láyé tí àwọn onímọ̀ mọ̀ pé eruku ń ti ibẹ̀ gbéra tó Bodélé.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ ni pé eruku tó kúná gan-an kì í dédé fò sókè. Ẹ da èlùbọ́ sórí tábìlì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn ẹnu yín lé e lórí jẹ́jẹ́. Kò fẹ́ẹ́ mira, nítorí pé hóró tó kúná máa ń lẹ̀ mọ́ ara wọn. Hóró yanrìn tó tóbi díẹ̀ ni ẹ̀fúùfù lè kọ́kọ́ gbé, kò sì lè gbé e jìnnà. Yóò gbé e fò, yóò sọ ọ́ sílẹ̀, ibi tí hóró náà bá sì bà lé, yóò gbá eruku kíkúná jáde níbẹ̀, bí òkò tí a sọ sínú eérú. Ní Bodélé, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ funfun yẹn fúnra rẹ̀ ló ń fò, tó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n lórí ilẹ̀, tó sì ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe ń fò. Lọ́jọ́ tí ẹ̀fúùfù bá ti ń sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 36 lọ ní wákàtí kan, ọlọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ nìyẹn.

Bí ọlọ ṣe ń lọ̀ ni asẹ́ náà, ìyẹn ẹ̀fúùfù fúnra rẹ̀, ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí n tó sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwọ̀n kan ṣoṣo tí a ó máa lò. Tí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ẹyọ ìdá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní máíkírónì. Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bíi máíkírónì 70. Hóró yanrìn etídò lè jẹ́ 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbogbo hóró eruku tó wà lókè ló ń já bọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í já bọ́ bákan náà. Láàárín àwọn tó kéré, tí ọ̀kan bá fẹ̀ ní ìlọ́po 10 ju èkejì lọ, ìlọ́po 100 ni yóò fi yára já bọ́ jù ú lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀fúùfù gbé eruku dé òkè tó ga ní mítà 1,500. Hóró tó jẹ́ máíkírónì 10 yóò máa sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 700 lóòjọ́, nítorí náà ọjọ́ méjì àti díẹ̀ tó o láti délẹ̀. Hóró tó jẹ́ máíkírónì 2 kì í sọ̀kalẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 28 lọ lóòjọ́. Òun yóò lò ju 50 ọjọ́ lọ. Láti Bodélé sí Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 1,800. Tí ẹ̀fúùfù bá ń rin kìlómítà 36 ní wákàtí kan láìdúró, wákàtí 50 ni ìrìnàjò náà, ìyẹn ọjọ́ méjì àti wákàtí méjì. Afẹ́fẹ́ kì í dákẹ́ jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ó máa ń dà hóró sókè sódò lọ́nà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìṣirò yìí búra. Ṣùgbọ́n ó fi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí hàn: èyí tó tóbi ń bọ́ sílẹ̀ ní Ṣáàdì àti Nìjẹ̀r, èyí tó ṣe díẹ̀ ń bọ́ sí Màídúgùrí àti Kánò, èyí tó kúná bí ìyẹ̀fun tí wọ́n sẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, tí ó sì tún ń kọjá lọ sórí òkun.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn tí mo bá gbọ́ tí àwọn ará Ìbàdàn ń sọ pé ọyẹ́ tiwa kò le, pé ti Kánò ló le. Òótọ́ ni pé èyí tó ń bọ́ sí Kánò pọ̀ púpọ̀ ju tiwa lọ ní ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa ti kéré kọjá ohun tí imú lè dá dúró.

Ojú ọ̀run Ìbàdàn kì í sì í wà lábẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀fúùfù méjì ló ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ọ̀kan ń ti orí òkun wá, omi wà nínú rẹ̀, òun ló ń gbé òjò, èkejì ń ti aṣálẹ̀ wá. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé máa ń bá oòrùn lọ, ó máa ń wọ inú aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún ní oṣù kẹjọ, á sì sọ̀kalẹ̀ dé ẹ̀bá òkun ní oṣù kìíní. Nítorí pé etí ààlà yìí ni gúúsù wà, ọyẹ́ tiwa máa ń wá, á lọ, á tún padà. Èkó sún mọ́ omi jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ òkun sì máa ń gbà á sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn òun náà a jí, a sì bá òfurufú tó funfun bí omi ògì.

Ọ̀rọ̀ ìríran ló kàn báyìí, níbi tí iṣẹ́ mi wà. Kí ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀, bí a ṣe ń wọn ìwọ̀n ìríran rọrùn débi pé àwọn èèyàn máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. A ní àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí a lè rí láti ibi tí a ń dúró sí, àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó: táǹkì omi kan wà ní mítà 400, ilé kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ dúdú wà ní mítà 900, òpó kan wà ní kìlómítà méjì, òkè kan sì wà ní kìlómítà mẹ́jọ. Ní gbogbo wákàtí a ó jáde, a ó wò yíká, ohun tó jìnnà jù tí a bá ṣì lè dá mọ̀ ni a ó kọ sílẹ̀. Ní òru, iná ni a ń wò dípò ilé. Lọ́jọ́ tí òfurufú mọ́, a máa ń rí òkè náà kedere. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kìíní, mo jáde, n kò rí táǹkì omi.

Kí ló dé tí ìwọ̀nba eruku tí kò wúwo tó nǹkan kan fi lè pa odidi òkè mọ́ èèyàn lójú? Ẹ mú iṣu kan, kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ ó rí i pé iṣu náà kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú tó hàn síta lára rẹ̀ pọ̀ sí i. Tí ẹ bá lọ hóró yanrìn kan tó jẹ́ máíkírónì 100 di hóró tó jẹ́ máíkírónì kan-kan, ẹ ó ní hóró 1,000,000, tí ẹ bá sì tẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àyè tí wọn yóò bò yóò jẹ́ ìlọ́po 100 èyí tí hóró àkọ́kọ́ bò. Ohun tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà ni àyè tí hóró bò, kì í ṣe bó ṣe wúwo tó. Hóró tó tó máíkírónì kan sì tún sún mọ́ ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó ń mú kí ó lè yí ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà ju bó ṣe yẹ kí ìwọ̀n rẹ̀ lè ṣe lọ.

Dídí nìkan sì kọ́. Tó bá jẹ́ pé eruku kàn ń dí ìmọ́lẹ̀ ni, òkè náà ì bá dúdú mọ́ wa lójú, ṣùgbọ́n funfun ló ń di. Hóró kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín èmi àti òkè ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ó ń dà á sí ojú mi, ìmọ́lẹ̀ tí kò ti ara òkè wá yìí sì ń bo èyí tó ti ara rẹ̀ wá mọ́lẹ̀. Ojú wa ń dá nǹkan mọ̀ nípa ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá ti tán, ohun náà ti tán lójú nìyẹn, bó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí awakọ̀ tó tan iná gíga ọkọ̀ rẹ̀ nínú ọyẹ́ lójú ọ̀nà: iná náà ń lu eruku, ó ń padà wá bá a lójú, yóò wá dà bí ẹni pé aṣọ funfun ni wọ́n ta síwájú rẹ̀. Iná kékeré tó kọjú sílẹ̀ sàn jù.

Ní àárọ̀ tí mo ń sọ yìí, ìjà ṣẹlẹ̀ ní pápákọ̀ náà. Ní aago mẹ́fà, òfurufú kò burú rárá, mo rí òpó kìlómítà méjì. Ní aago mẹ́sàn-án, lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, ó ti dí pátápátá. Àwọn èrò tó ń dúró de bàálù kò gbà. Bàbá kan tó wọ agbádá wá bá mi, ó ní: “Ìwọ ọmọ yìí, mo jí ní aago márùn-ún, mo rí ìràwọ̀. Oòrùn ti wá yọ tán lẹ ń sọ pé kò ṣeé ríran. Kí lẹ tún ń dúró dè?” Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní: “Ẹ má bínú, bàbá, oòrùn yẹn gan-an ló fà á.” Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u.

Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Ní òru, ilẹ̀ máa ń tutù gan-an ní ìgbà ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í dá ooru ilẹ̀ dúró, afẹ́fẹ́ tútù yóò sì sùn sórí ilẹ̀ bí ẹní. Eruku tó dé ní òru lè máa kọjá lórí ẹní yìí láìfara kan ilẹ̀. Tí oòrùn bá yọ, tí ilẹ̀ sì gbóná, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ru sókè bí omi tó ń hó, á sì pò pọ̀ mọ́ ti òkè, eruku a wá sọ̀kalẹ̀ bá wa. Ibí yìí ni èèyàn ti lè fìyàtọ̀ sí kùrukùru òwúrọ̀ àti ọyẹ́: kùrukùru jẹ́ omi, ó máa ń tutù lára, oòrùn a sì gbá a lọ kí ọjọ́ tó kanrí, ọyẹ́ gbẹ, oòrùn sì lè mú un le sí i.

Ìjà náà tún gbóná sí i nígbà tí bàálù kan dé orí wa. A gbọ́ ìró rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ sọ fún àwọn tó wà ní ilé ìṣọ́ pé òun rí ojú ọ̀nà tí òun yóò bà sí kedere nísàlẹ̀. Ó yí ká láti wá bà, kò sì rí i mọ́, ó gbéra padà, ó sì lọ. Àwọn èrò ní òun tó wà lókè ti rí ilẹ̀, àwa tó wà nílẹ̀ la kò jẹ́ kó bà. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Tí bàálù bá wà ní mítà 600 lókè, tí awakọ̀ sì wo ìsàlẹ̀ gan-an, eruku mítà 600 péré ni ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ là kọjá. Ṣùgbọ́n bàálù kì í já bọ́ lódòódò, ó ń rọra dagun sọ̀kalẹ̀ ni, ní nǹkan bíi dígírì 3, bí a bá ka jíjá bọ́ ṣánṣán sí 90. Láti mítà 600 yẹn kan náà, ibi tí yóò bà sí ṣì jìnnà sí iwájú rẹ̀ ní ju kìlómítà 11 lọ, inú eruku sì ni gbogbo rẹ̀. Nítorí náà yóò rí ilẹ̀ nígbà tí kò nílò rẹ̀, kò ní rí i nígbà tó nílò rẹ̀. Bákan náà ni èmi àti ẹ̀yin lè rí oòrùn lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́, bàìbàì bí òṣùpá, kí a má sì rí ilé tó wà ní òpópónà kejì.

Láti ojú, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ọ̀nà ọ̀fun, nítorí pé asẹ́ mìíràn wà níbẹ̀, Ọlọ́run ló sì ṣe é. Hóró tó ju máíkírónì 10 lọ, irun imú àti ikun imú ló ń mú púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó kéré ju ìyẹn lọ máa ń wọ ẹ̀ka ọ̀nà èémí nínú àyà. Èyí tí kò tó máíkírónì 2.5 lè dé inú àwọn àpò wíwẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́. Ẹ wá rántí ohun tí asẹ́ ọyẹ́ ti ṣe lójú ọ̀nà: hóró ńlá tí imú ì bá dá dúró, ó ti kù wọ́n sílẹ̀ sí ilẹ̀ ibòmíràn.

Ọyẹ́ tún ń ba asẹ́ imú fúnra rẹ̀ jẹ́. Ikun tó tutù ló ń lẹ eruku mọ́ ara, àwọn irun tín-ín-tìn-ìn-tín abẹ́ rẹ̀ ló sì ń gbá a padà síta bí ẹni ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ dé ibi tó ń la ètè, tó ń la ẹsẹ̀, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yọ nímú ọmọdé, ikun yẹn náà ń gbẹ, ó ń le, ìgbálẹ̀ náà kò sì lè gbá a mọ́.

Mo ṣe ìṣirò kan nígbà kan nítorí ìyá ọmọ kan ládùúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ efée. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo orí tábìlì mi, mo nù ún láàárọ̀, eruku tó wà níbẹ̀ kò tó ṣíbí kan. Ṣé ìyẹn ló fẹ́ pa ọmọ mi?” Ẹ jẹ́ ká ní afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ní 300 máíkírógíráàmù eruku, èyí tí 1,000 rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù kan, nínú àpótí afẹ́fẹ́ kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Lójú ọyẹ́ tó le ìyẹn kò pọ̀, nítorí ní àríwá ó lè kọjá 1,000, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí eruku tó kéré ju máíkírónì 10 lọ má kọjá 45 láàárín wákàtí 24. Àgbàlagbà ń mí nǹkan bíi irú àpótí bẹ́ẹ̀ 13 lóòjọ́. Ohun tó mí sínú kò ju mílígíráàmù mẹ́rin lọ, kò tó iyọ̀ tí a fi ìka méjì mú. Ṣùgbọ́n tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ hóró máíkírónì 2, iye wọn ju 300,000,000 lọ. Àyà tó ti ń wú tẹ́lẹ̀ kò ka bí nǹkan ṣe wúwo sí. Iye ibi tí wọ́n ti fara kàn án ni ó mọ̀.

Àwọn ọmọ ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń dùn jù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2020 lo eruku Bodélé gan-an láti fi wò ó, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé òṣì tàbí iléeṣẹ́ ìlú kan ló fa ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ ní Ṣáàdì. Ohun tí wọ́n rí ni pé níbi àti nígbà tí eruku yìí bá ti pọ̀ sí i ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan máa ń pọ̀ sí i.

Àwọn tó ní àrùn foníkú-fọlá-dìde náà mọ oṣù kejìlá sí àmọ̀tán. Ara tí òtútù òru mú, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì fa omi inú rẹ̀ láìlàágùn, ni ẹ̀jẹ̀ wọn ti máa ń dì lọ́nà, tí ìrora eegun á sì bẹ̀rẹ̀. Níhìn-ín, òtútù àti àìtó omi ló jẹ̀bi jù, kì í ṣe eruku, mo sì rò pé ó yẹ ká máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ó tún yẹ ká ya ọ̀rọ̀ yírùnyírùn sọ́tọ̀, nítorí pé àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn èèyàn gbà pé ọyẹ́ ló ń gbé àìsàn náà wá láti aṣálẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ wà lọ́nà ọ̀fun ọ̀pọ̀ èèyàn tí ara wọn le koko, ó sì ń ti ara èèyàn dé ara èèyàn. Ohun tí wọ́n gbà pé ọyẹ́ ń ṣe ni pé ó ń gbẹ ọ̀nà ọ̀fun, ó ń ha á, kòkòrò tó jókòó jẹ́ẹ́ sì ń rí ọ̀nà wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó fi ń dé ibi awọ tó bo ọpọlọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni òtútù ń kó èèyàn púpọ̀ pọ̀ sínú yàrá kan. Àgbègbè tó ti ń jà jù gùn láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Etiópíà, àríwá Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Ní 1996, ó mú ju 100,000 èèyàn lọ ní Nàìjíríà, àwọn tó kú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000. Àjàkálẹ̀ náà máa ń rọlẹ̀ nígbà tí òjò bá dé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Fásò, Málì àti Nìjẹ̀r ní 2010 ti lé oríṣi tó burú jù nígbà náà lọ, àwọn oríṣi mìíràn sì gba ipò rẹ̀. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dènà oríṣi márùn-ún pa pọ̀. Ibà líle, ọrùn tó gan, àti ìmọ́lẹ̀ tó ń dun ojú: ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí a má sì parọ́ mọ́ ọyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹní afẹ́fẹ́ tútù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tó máa ń sùn sórí ilẹ̀ lóru, òun náà ló ń dé èéfín mọ́lẹ̀. Igbó tí wọ́n ń sun lásìkò yìí, ààtàn tó ń jó, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilé, èéfín gbogbo wọn kò ríbi gbà lọ. Tí èèyàn bá fi aṣọ funfun nu abẹ́bẹ̀ fáànù, tó sì rí dúdú dípò àwọ̀ ìyẹ̀fun, ti ilé ara wa nìyẹn.

Ohun tí mo ń ṣe nílé mi kò pọ̀. Aṣọ tútù ni a fi ń nu ilẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́, a kì í gbálẹ̀, nítorí ìgbálẹ̀ tún ń jí èyí tó ti sùn. Ìbòmú aláṣọ lásán ń dá hóró ńlá dúró, èyí tí a ti sọ pé kò pọ̀ mọ́ kó tó dé Ìbàdàn. Irú èyí tí wọ́n kọ N95 sí lára, tó sì lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ló ń mú kíkúná. Òrí ni mo ń fi pa ètè àti ẹsẹ̀, mo sì ń fi díẹ̀ ra etí ihò imú, kì í ṣe inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, pàápàá fún ọmọdé.

Ní ọdún tó kọjá, òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo gbé abọ́ funfun kan síta lábẹ́ ọ̀run, níbi tí omi òrùlé kò lè dé. Omi tó wọ inú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ pọ́n bí omi amọ̀. Mo jẹ́ kó silẹ̀ di òwúrọ̀, mo da omi orí rẹ̀ nù, mo sì fi oòrùn gbẹ ìyókù. Ó kù ìyẹ̀fun kan tó pupa rúsúrúsú ní ìdí abọ́. Mo fi ìka méjì ra á, kò ha mi lọ́wọ́. Àwọn tó kọ́ wa níṣẹ́ máa ń ní ká fi eyín dán irú rẹ̀ wò, pé eyín mọ ohun tí ìka kò mọ̀. Mo fi díẹ̀ sáàárín eyín iwájú. Ó dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, díẹ̀ báyìí, bí èlùbọ́ tí wọ́n sẹ́ dáadáa tí òkúta kékeré kan ṣoṣo sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.